Ojú ìyálọ́mọ yẹ́lò lápá kan, ó búlúù lápá kejì: gílóòbù pálọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé

Adékẹ́mi Àwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Mo ya ìsọmọlórúkọ kan ní Bódìjà láàárọ̀ Sátidé, inú pálọ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Fèrèsé ńlá wà lápá òsì ìyálọ́mọ. Lápá ọ̀tún rẹ̀, lókè, ṣandilíà onígílóòbù yẹ́lò ló ń tàn, àwọn ẹbí kò sì gbà kí n pa á, wọ́n ní ayẹyẹ kì í ṣe nínú òkùnkùn.

Nígbà tí mo ṣí àwọn àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ìyálọ́mọ yẹ́lò gan-an, àfi bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Bí mo bá fa `Temp` wálẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn lè dára, ti òsì á di búlúù, awọ rẹ̀ á ṣe eérú. Bí mo bá fà á gòkè kí ti òsì lè dára, ti ọ̀tún á tún burú sí i. RAW ni mo fi yà á, Lightroom ni mo ń lò. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló yan 4350K. Léèsì funfun ni ìyálọ́mọ wọ̀, gèlè rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì yẹ́lò. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ìyẹn ò le rárá. Lọ sí `Color Mixer`, wá `Yellow`, fa `Saturation` rẹ̀ wá sí −100. Yẹ́lò náà á lọ pátá. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Adékẹ́mi Àwòrán

Ẹ ṣé. Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Ògiri ṣíwọ́ yẹ́lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gèlè di funfun rádaràda, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Nọ́ọ̀sì Tóyìn

Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe ayàwòrán, àwòrán ọmọ mi ló gbé mi dé ibí. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọmọ náà yẹ́lò. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí awọ rẹ̀ bá yẹ́lò, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má fi omi gúlúkóòsì tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì máa sọ pé oòrùn àárọ̀ á tó o.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Gílóòbù ni Adékẹ́mi ń bi wá léèrè, kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀, nítorí ó kan iṣẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni ò lè fi àwòrán tí wọ́n yà lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò mọ̀ bóyá ara ọmọ yẹ́lò. Kí ìyá gbé e sójú fèrèsé lọ́sàn-án, kí ó wo ẹyinjú rẹ̀ níbi tó yẹ kó funfun. Àwa náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ara ọmọ tuntun ṣe ìwọ̀n àwọ̀ fún gbogbo àwòrán. Bí ara ọmọ bá yẹ́lò lóòótọ́, tí a wá fi kọ̀ǹpútà nu ún kúrò, a ti ba gbogbo àwòrán yòókù jẹ́.

Adékẹ́mi, ó dáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni pé ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà lójú ìyálọ́mọ, ọ̀kan ṣoṣo sì ni kámẹ́rà lè bá ṣe àdéhùn. Gílóòbù yẹ́lò wà ní nǹkan bíi 2700K sí 3000K. Ojú fèrèsé lọ́sàn-án wà ní nǹkan bíi 5500K sí 6500K, ó tún máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run. 4350K tí kámẹ́rà rẹ yàn bọ́ sí àárín méjèèjì, kò sì tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn. `Temp` kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo àwòrán kò lè tún un ṣe láé, bí o bá ń fà á gòkè fà á wálẹ̀ títí di ọ̀la. Ìmọ́lẹ̀ méjì, àtúnṣe méjì.

Kọ́kọ́ ṣe èyí kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: mú irin ìfàmọ́ra àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `WB`, tẹ̀ ẹ́ sórí léèsì funfun náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan bà á, kọ nọ́ńbà tí o rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ sórí léèsì kan náà lápá ọ̀tún, níbi tí gílóòbù ti ń tàn sí i. Aṣọ kan náà ni, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Má tẹ̀ ẹ́ sórí eyín, má tẹ̀ ẹ́ sórí ògiri. Sọ ohun tí o rí fún wa.

Adékẹ́mi Àwòrán

Ẹ ṣeun, Bàbá. Lápá fèrèsé ó fún mi ní 5700K, `Tint` +8. Lápá gílóòbù ó fún mi ní 3100K, `Tint` +3.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Ó kọjá 2500K láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì. Abájọ.

Nísinsìnyí, wo ojú rẹ̀ dáadáa. Imú, iwájú orí àti ojú méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ wo ló pọ̀ jù lórí wọn?

Adékẹ́mi Àwòrán

Ti fèrèsé. Gílóòbù mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, etí, ọrùn lápá ibẹ̀, àti ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Nígbà náà fèrèsé ni ọ̀gá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba apá tó pọ̀ jù lójú ènìyàn ni kí o fi ṣe àwọ̀ gbogbo àwòrán, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì tún apá kékeré ṣe. Bí o bá yí i padà, ibi tó pọ̀ jù ni wàá máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, etí ibi tí o kùn á sì hàn.

Fi `Temp` sí 5300, `Tint` +8. Mi ò ní kí o gbé e dé 5700, nítorí a fẹ́ kí apá fèrèsé tutù díẹ̀ kí iṣẹ́ tó kù lápá kejì lè dín kù. Apá ọ̀tún á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́.

Lẹ́yìn èyí ṣí `Masking`, mú `Brush`, jẹ́ kí `Feather` rẹ̀ wà ní 100, kí `Flow` wà ní nǹkan bíi 30. Kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, etí àti ọrùn. Bí o bá ń sún mọ́ imú, dáwọ́ dúró díẹ̀ kí o tó débẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Nínú búrọ́ọ̀ṣì yẹn, fa `Temp` sí −35. Wo ó. Bí ó bá ṣì yẹ́lò, lọ sí −45, kí o sì dín `Saturation` rẹ̀ kù sí −10, torí pé awọ tí gílóòbù bá mú kì í yẹ́lò lásán, àwọ̀ rẹ̀ tún máa ń ki ju ti apá kejì lọ.

Ògiri àti àga, fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ́tọ̀, −20 péré. Pálọ̀ tí ṣandilíà ń tàn nínú rẹ̀ ni, jẹ́ kó móoru díẹ̀. Awọ ènìyàn ni a ń tọ́jú.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n kí ló burú nínú èyí tí mo sọ? Àwọn oníbàárà mi ò tíì ráhùn.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Kò burú tán, ọmọ mi, ibi tí o fi í sí ni kò dára. `Yellow` tí o pa ni góòlù wà nínú rẹ̀: gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn. Awọ tiwa, inú `Orange` ló pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò fi yí padà nígbà tí Adékẹ́mi dán an wò. Bí o bá wá fi agbára dín `Saturation` `Orange` kù, á kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, gbogbo ojú á sì di eérú. Awọ dúdú kì í fara da ìyẹn. Ara rẹ̀ á dà bí ẹni tí kò fi ìpara para nígbà ọyẹ́.

Àmọ́ o lè lò ó ní ìparí. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti mú apá méjèèjì sún mọ́ ara wọn, tí gbogbo ojú sì tún yẹ́lò díẹ̀, fa `Hue` `Orange` sí −4 tàbí −6. Á yí sí apá pupa. Má kọjá −8, ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n jù.

Káyọ̀ Fídíò

Mo fara mọ́ ti Bàbá, ṣùgbọ́n ojú nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ojú sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí o bá ti jókòó ti àwòrán yẹ́lò fún wákàtí kan, ojú rẹ á ti bá a mu, ohun tó dára á wá máa jọ búlúù lójú rẹ. Àwa onífídíò ní DaVinci Resolve máa ń wo `Vectorscope`, àtẹ tó ń fi àmì tọ́ka sí apá ibi tí àwọ̀ inú àwòrán bọ́ sí. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ fún awọ ènìyàn, `Show Skin Tone Indicator` ni kí ẹ tẹ̀ kó tó hàn. Bí awọ ṣe dúdú tó tàbí bó ṣe pupa tó, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ló máa ń bọ́ sí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo awọ. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó lórí rẹ̀ àti bí àwọ̀ ṣe ki tó. Bí àmì náà bá yà kúrò lórí ìlà lọ sí apá yẹ́lò, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ gé àwòrán kó ku awọ nìkan o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gèlè àti ògiri á da ìwọ̀n rú.

Adékẹ́mi Àwòrán

Bọ̀dá Káyọ̀, Lightroom tí mo ní kò ní ìyẹn.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Ó ní èyí tó tó ọ. Gbé máòsì sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú `Develop`, wo ìsàlẹ̀ `Histogram`, wàá rí R, G àti B. Ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí o sì kọ wọ́n síbí.

Adékẹ́mi Àwòrán

Kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún:
òsì: R 46, G 34, B 27
ọ̀tún: R 58, G 41, B 16

Lẹ́yìn −45 àti `Saturation` −10:
ọ̀tún: R 55, G 40, B 29

Bàbá Dáàkùrúùmù

Wo B. Lápá fèrèsé, B fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún G. Lápá gílóòbù, kò tó ìdajì rẹ̀. Yẹ́lò tí ò ń rí nìyẹn: kì í ṣe pé nǹkan kan pọ̀ jù, búlúù ló sọ nù. Lẹ́yìn àtúnṣe ó ti di 29 nínú 40, ó sún mọ́ ti òsì láìbá a dọ́gba, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí o bá mú wọn dọ́gba pátápátá, ẹni tó wà nínú pálọ̀ yẹn á wo àwòrán, á ní ibí kọ́ ni òun jókòó sí. Dúró níbẹ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o wò. Sún àwòrán mọ́ ojú ní 100%, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún níbi tó ti ṣókùnkùn lábẹ́ àgbọ̀n. Búlúù kéré gan-an lábẹ́ gílóòbù, tí a bá sì fipá gbé e sókè, hóróhóró máa ń bá a jáde. Bí o bá rí i, fi `Color Noise Reduction` sí nǹkan bíi 40.

Ṣẹ́gun Ìgànná

Ẹ kú ọgbọ́n o. Tèmi jọ ti Adékẹ́mi, ṣùgbọ́n fóònù ni mo fi yà á, ìyá mi àgbà ni, lójú fèrèsé nígbà tí gílóòbù ń tàn lórí rẹ̀. WhatsApp ni ẹ̀gbọ́n mi fi fi í ránṣẹ́ sí mi, ti orí fóònù àkọ́kọ́ ti sọ nù. Gbogbo iwájú orí Màmá yẹ́lò. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọjọ́ ìbí wọn. Snapseed nìkan ni mo ní. Ṣé ọ̀nà wà?

Bàbá Dáàkùrúùmù

Snapseed ní `Brush`, `Temperature` wà nínú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bíi búrọ́ọ̀ṣì tí mo sọ fún Adékẹ́mi. Fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun iwájú orí wọn sí apá tútù, kí o wò ó bóyá á gbà.

Àmọ́ má retí púpọ̀. JPEG ti WhatsApp ti fún pọ̀ ni o ní lọ́wọ́. Níbi tí gílóòbù ti mọ́lẹ̀ jù, B lè ti di òdo. Ohun tó ti di òdo kò sí mọ́, kò sí ohun tí a lè fà gòkè. Wàá mọ̀ bí o bá ń kùn ún sí apá tútù tí awọ kò padà sí àwọ̀ awọ, tó kàn ń ṣe àbàwọ́n eérú àti pọ́pù. Bí o bá rí bẹ́ẹ̀, dáwọ́ dúró, sọ àwòrán Màmá di dúdú àti funfun. Yóò dára lára ògiri ju èyí tí a fipá tún ṣe lọ. Kí o sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ léèrè bóyá ó tún ní èyí tí kò gba orí WhatsApp kọjá.

Àbíkẹ́ Mekọ́ọ̀pù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kì í ṣe gbogbo yẹ́lò ni ẹjọ́ gílóòbù. Pọ́ńdà yẹ́lò tí a ń fi sábẹ́ ojú àti àárín iwájú orí, lójoojúmọ́ ni mò ń lò ó fún ìyàwó. Nínú ilé ó dára, lójú kámẹ́rà ó lè yẹ́lò ju ọrùn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wo iwájú orí lápá fèrèsé, níbi tí gílóòbù kò dé. Bí ibẹ̀ náà bá yẹ́lò, tí ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ lápá kan náà kò sì yẹ́lò, pọ́ńdà ni. Ẹ má fi `Temp` lé e, ẹ ó ba ọrùn jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré lórí ibi pọ́ńdà nìkan, `Saturation` −10 tàbí −15, ó parí.

Adékẹ́mi Àwòrán

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ ṣé gan-an. Mo wò ó: abẹ́ ojú òsì rẹ̀ yẹ́lò díẹ̀ lóòótọ́, ọrùn rẹ̀ kò yẹ́lò.

Ìbéèrè mi tó kù: gbogbo àwòrán láti ìjókòó yẹn, ṣé mo lè da àtúnṣe kan náà lé gbogbo wọn? Mo dà á lé mẹ́ta wò. Méjì dára, ìkẹta tún yẹ́lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n jókòó.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Irú gílóòbù wo ló wà nínú ṣandilíà náà? Ṣé èyí tó ní wáyà pípọ́n nínú, tó ń gbóná?

Adékẹ́mi Àwòrán

Bẹ́ẹ̀ ni, ti àtijọ́ ni. Iná NEPA sì ń lọ sókè ń lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Ìyẹn ló fà á. Bí iná bá rẹlẹ̀, wáyà inú gílóòbù kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa pọ́n sí i. Èyí tó wà ní 2800K á já wálẹ̀. Gílóòbù LED kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe báyẹn. Nítorí náà da `Temp` àpapọ̀ lé gbogbo wọn, torí pé fèrèsé kò yí padà, ṣùgbọ́n wo iye búrọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pín wọn sí ọ̀nà méjì, ṣáájú jẹnẹrétọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, á dín iṣẹ́ rẹ kù.

Káyọ̀ Fídíò

Gbogbo wàhálà yìí, ẹ bá ti pa iná. Kí ẹni tó ń ya àwòrán pa gbogbo gílóòbù, kó ṣí kọ́tìnì, kó gbé ISO sókè. Èmi kì í bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Káyọ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn àgbà ilé ti sọ fún pé kó má pa á ńkọ́? Èmi máa ń gbé gílóòbù LED funfun tó ní 6500K lára páálí rẹ̀ dání, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n kí n fi pààrọ̀ ti ṣandilíà. Iná ṣì ń tàn, inú wọn dùn, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn.

Káyọ̀ Fídíò

Àwọn LED olówó pọ́ọ́kú yẹn ni mi ò fẹ́, Bàbá. Pupa kì í tó nínú wọn. Awọ á kúrò ní yẹ́lò, á bọ́ sí àwọ̀ ewé, ìyẹn sì le láti tún ṣe ju yẹ́lò lọ.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Mo máa ń fi `Tint` +10 tàbí +15 bá a wí, ó sì máa ń gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí o tó rà á, gbé ọwọ́ rẹ sábẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá dà bí ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀, dá a padà fún wọn.

Àbíkẹ́ Mekọ́ọ̀pù

Ẹ má gbàgbé kọ́tìnì. Kọ́tìnì góòlù tí wọ́n fà bo fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ tó bá gbabẹ̀ wọlé ti yẹ́lò kó tó débi ènìyàn. Mo ti rí i tí ayàwòrán ń bá gílóòbù jà tí ẹjọ́ sì jẹ́ ti kọ́tìnì.

Adékẹ́mi Àwòrán

Kọ́tìnì tiwọn ṣí sílẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti pín àwòrán sí méjì bí Bàbá ṣe wí. Ti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ gba −35 dáadáa, ti ìgbà NEPA ń fẹ́ −50 sí −55, ẹlòmíràn nínú wọn ṣì ní ìlà kan lẹ́bàá imú tí yẹ́lò àti búlúù ti pàdé, tí búrọ́ọ̀ṣì kò bò dáadáa.

Bàbá Dáàkùrúùmù

Ìlà yẹn ni mi ò ní oògùn kan ṣoṣo fún. Nígbà mìíràn mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kẹta tó tinrín kun ún, `Temp` −15, `Saturation` −15, kí àwọ̀ méjèèjì má bàa figbe ta níbi tí wọ́n ti pàdé. Nígbà mìíràn mo máa ń fi í sílẹ̀. Bí Káyọ̀ bá ní ọ̀nà tó sàn jù, kó sọ ọ́.

Káyọ̀ Fídíò

N ò ní fún àwòrán tí kò rìn. Fi èyí tó burú jù nínú wọn síbí, kí gbogbo wa jọ wò ó.